Ilé Ìdìrí Ń Kó Lọ: Kí Ló Kàn fún Ẹni Tó Ti Gba Àyè Sílẹ̀?

Bí onídìrí bá kó ṣọ́ọ̀bù, nǹkan mẹ́ta ló yí padà fún oníbàárà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ibi tí yóò máa lọ, àsìkò tó lè bá wọn níbẹ̀, àti àdéhùn tó ti ṣe kí ọ̀rọ̀ kíkó tó dé. Ìfilọ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé ìdìrí máa ń fi ránṣẹ́ a máa sọ ti àkọ́kọ́ ní àsọyé, a sọ ti èkejì ní ìdajì, kò sì ní mẹ́nu ba ẹ̀kẹta rárá. Bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀kẹta yẹn ni owó oníbàárà wà. Ẹni tó ti san owó sílẹ̀ fún irun ìgbéyàwó kò bèèrè bóyá ṣọ́ọ̀bù tuntun lẹ́wà. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọjọ́ òun ṣì dúró, àti bóyá owó òun kò wọmi.

Ẹ jẹ́ ká fi onídìrí kan ṣe àpẹẹrẹ, ká sì tọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mókólá ní ìlú Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, Bódìjà Àtijọ́ ló sì ń kó lọ. Ó ti dúró kí Iléyá kọjá, nítorí kò sí onídìrí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò kó ẹrù ní ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ìlú ń ṣe irun ọdún. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kẹfà, ni yóò ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ní Mókólá. Yóò ti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ Àìkú, Ajé àti Ìṣẹ́gun láti kó ẹrù, kí ó sì to ṣọ́ọ̀bù tuntun. Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kẹfà, ni yóò ṣí ní Bódìjà. Ní Mókólá, aago 7 àárọ̀ sí aago 8 alẹ́ ló ń ṣiṣẹ́, láti ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta. Ní ibi tuntun, inú ọgbà tí àwọn ènìyàn ń gbé ni ṣọ́ọ̀bù wà, onílé kò sì fẹ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ ní ìdájí tàbí lálẹ́. Nítorí náà, aago 9 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni, láti Ìṣẹ́gun dé Àbámẹ́ta, pẹ̀lú ọjọ́ Àìkú láti aago 1 ọ̀sán sí aago 6. Ọjọ́ Ajé ti di ọjọ́ ìsinmi.

Ìwé tí ó ń kọ orúkọ àwọn tó gba àyè sí ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí, kó tó fọwọ́ kan fóònù. Ká ní orúkọ 23 ló wà níbẹ̀ láti ìsinsìnyí títí dé òpin oṣù. Yóò pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn 6 ni àyè wọn bọ́ sáàárín ìsinsìnyí àti ọjọ́ 13; Mókólá náà ni wọn yóò ti ṣe irun wọn, kò sí ohun tó kàn wọ́n ju pé kí wọ́n má ṣe ṣèèṣì lọ sí Bódìjà. Àwọn 4 bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n máa kó ẹrù. Àwọn 13 tó kù bọ́ sí ìgbà tí ibi tuntun ti ṣí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń dúró sí nìyẹn, tí wọ́n á ní àwọn 13 wọ̀nyí kò ní ìṣòro, ibi nìkan ló yí padà fún wọn. Ṣùgbọ́n tí onídìrí wa bá tún wo wákàtí tí ó kọ síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, yóò rí i pé àwọn 3 gba aago 7 àárọ̀, nígbà tí géètì ibi tuntun kò tíì ní ṣí, àwọn 2 sì gba ọjọ́ Ajé tí kò sí iṣẹ́ mọ́. Àwọn 5 yìí àti àwọn 4 ti ọjọ́ kíkó jẹ́ ènìyàn 9 tí ó gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀ ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fẹnu kò. Àwọn 14 tó kù, kó sọ fún wọn ti tó.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ wákàtí ni pé ìfilọ̀ ilé ìdìrí yàtọ̀ sí ti ilé ìtajà. Bí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ bá kọ pé aago 6 la ń tì, ẹni tó dé ní aago 5 ààbọ̀ á ra ohun tó fẹ́, á sì lọ. Irun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nótílẹ́ẹ̀sì tíńtín lè gba wákàtí mẹ́jọ lọ́wọ́ ẹnì kan. Èyí tó tóbi díẹ̀ a máa gba bíi wákàtí márùn-ún. Ṣùkú tí a fi irun ẹni nìkan dì lè parí láàárín wákàtí méjì. Nítorí náà, tí ilé ìdìrí bá ń tì ní aago 6, ẹni tó fẹ́ nótílẹ́ẹ̀sì tíńtín kò gbọdọ̀ jókòó lẹ́yìn aago 10 àárọ̀, ẹni tó fẹ́ èyí tó tóbi kò gbọdọ̀ kọjá aago 1 ọ̀sán, ẹni tó fẹ́ ṣùkú sì ní àyè títí di aago 4. Aago tí a ń jókòó kẹ́yìn yìí ló wúlò fún oníbàárà ju aago tí a ń tì lọ. Tí kò bá sí nínú ìfilọ̀, ẹnì kan á dé ní aago 2 ọ̀sán pẹ̀lú átáṣímẹ́ńtì lọ́wọ́, á sì máa wò ó pé wọ́n fi àsìkò purọ́ fún òun.

Ẹ wo ọ̀kan nínú àwọn 5 náà. Ìyàwó ojú ọ̀nà ni. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹfà, ni ìgbéyàwó rẹ̀, ó sì ti san 10,000 náírà sílẹ̀ fún ọjọ́ Ẹtì, aago 7 àárọ̀, fún òun àti ọ̀rẹ́ méjì. Tirẹ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́jọ, ti àwọn ọ̀rẹ́ jẹ́ márùn-ún márùn-ún. Àwọn méjì ló ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù: ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ kan tó ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Ní Mókólá, ọ̀gá á ti ṣe ìyàwó tán ní aago 3, ọmọ iṣẹ́ á sì ṣe àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì tán ní aago 5, kí alẹ́ tó lẹ́. Ní Bódìjà, tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 9, ìyàwó á parí ní aago 5, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ kejì yóò kọjá sí aago 7 alẹ́. Kódà bí ọ̀gá bá dara pọ̀ mọ́ ọmọ iṣẹ́ ní aago 5 kí wọ́n lè jọ parí rẹ̀, aago 6 gééré ni wọn yóò gbé ọwọ́, láìjẹun, láìsí pé iná lọ, láìsí oníbàárà mìíràn lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó yẹ kí ó fi ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ dán irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ wò. Ohun tó dára ni kí ìyàwó wá ní Ọjọ́bọ̀, aago 9 àárọ̀, kí àwọn ọ̀rẹ́ wá ní ọjọ́ Ẹtì.

Bí onídìrí bá kàn fi ìfilọ̀ gbogboogbò ránṣẹ́ sí ìyàwó yìí pé “a ti kó, aago 9 la ń ṣí”, á rò pé aago ni òun yóò sún síwájú díẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì gan-an ni ọ̀rọ̀ yóò tó yé gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí ìfilọ̀ àdáni fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ti gbogboogbò, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó kó. Ó sì yẹ kí ó sọ ohun tí oníbàárà ti ṣe, ohun tó yí padà, àti ọjọ́ tí a fi lọ̀ ọ́:

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú ìmúra ìgbéyàwó. Ẹ ti san 10,000 náírà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa fún ọjọ́ Ẹtì, 19 Oṣù Kẹfà, aago 7 àárọ̀, ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín méjì. A ó ti kó lọ sí Bódìjà nígbà náà, aago 9 àárọ̀ la ó sì máa ṣí níbẹ̀. Kí irun yín lè parí láìkánjú, a ti di àyè yìí mú fún yín: ẹ̀yin ní Ọjọ́bọ̀, 18, aago 9 àárọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ yín ní ọjọ́ Ẹtì, 19, aago 9 àárọ̀. Owó yín wà níbẹ̀, iye tí a jọ sọ kò sì yí padà. Tí Ọjọ́bọ̀ kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wa lóhùn kí ọjọ́ Àìkú tó pé. Tí ẹ bá fẹ́ gba owó yín padà, a ó dá a padà.”

Mo ní kí ẹ tún wo gbólóhùn kan níbẹ̀: ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn bọ́ sí 16, ọjọ́ tí wọ́n ṣì ń to ẹrù. Irú àṣìṣe báyìí a máa yọ́ wọlé nígbà tí ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ kò bá fi kàlẹ́ńdà síwájú. Kí a pa ọjọ́ Ìṣẹ́gun rẹ́, kí a fi Ọjọ́rú nìkan sílẹ̀, kí a sì kọ déètì rẹ̀, 17, mọ́ ọn. Orúkọ ọjọ́ àti déètì gbọ́dọ̀ máa rìn pọ̀ nínú gbogbo ìfilọ̀ tó kan àyè, nítorí ọ̀kan ló ń tú àṣìṣe èkejì fó.

Kí a fún oníbàárà ní ọjọ́ tó dájú sàn ju kí a bi í pé “ìgbà wo lẹ lè wá?” Ìbéèrè yẹn á gbé gbogbo iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ kò sì ní dáhùn. Orúkọ ẹni tí kò dáhùn ni kí onídìrí pè lórí fóònù. Títí ẹni náà yóò fi fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà, kí ó má ṣe fi àyè àtijọ́ tàbí tuntun fún ẹlòmíràn.

Owó àsansílẹ̀ ní ìbéèrè tirẹ̀. Tí iye irun yóò bá gbówó lórí ní Bódìjà, ẹni tó ti san owó sílẹ̀ kí ìfilọ̀ tó jáde ni a gbọ́dọ̀ ṣe é fún ní iye àtijọ́. Kí a kọ ọ́ sínú ìfilọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó má di àríyànjiyàn lórí àga. Tí ibi tuntun bá jìnnà jù fún oníbàárà, èrò tèmi ni pé kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà pérépéré, nítorí kì í ṣe òun ló yẹ àdéhùn. Òfin Àpapọ̀ lórí Ìdíje àti Ààbò Oníbàárà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2018 fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé àyè tó ti gbà sílẹ̀. Ó gba olùtajà láàyè láti yọ iye kan tó bójú mu, ṣùgbọ́n òfin yẹn kan náà sọ pé kí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ fúnni ṣe é lásìkò, kí ó sì tètè fi tó oníbàárà létí tí ìdádúró tí kò ṣeé yẹ̀ bá wà. Ibi tó le díẹ̀ ni ti onídìrí tó ti fi owó àsansílẹ̀ ra átáṣímẹ́ńtì aláwọ̀ tí oníbàárà yàn. Kó fi ìwé ìrajà han oníbàárà, kó fún un ní irun náà, kó sì dá ìyókù owó padà. Kí ó má ṣe di owó àti irun méjèèjì mú.

Nígbà tí àwọn 9 bá ti fẹnu kò, tí àwọn 14 sì ti gbọ́, ìfilọ̀ gbogboogbò lè wá jáde, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó kó. Àwa Yorùbá kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìkíni, kò sì yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ báyìí. Àmọ́ ìkíni ìlà kan tó. Tí ọpẹ́ àti àdúrà bá gùn jù ní òkè, àdírẹ́sì lè bọ́ sínú “Read more”, ọ̀pọ̀ kò sì ní tẹ̀ ẹ́. Kí àdúrà wà ní ìsàlẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníbàárà wa. Láti Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kẹfà, Bódìjà Àtijọ́ ni ẹ ó ti máa bá wa. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13, la ó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ní Mókólá. A kò ní sí níbì kankan ní 14, 15 àti 16. Àsìkò tuntun: Ìṣẹ́gun dé Àbámẹ́ta, aago 9 àárọ̀ sí 6 ìrọ̀lẹ́, Àìkú, aago 1 sí 6. A kì í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé mọ́. Irun tó ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ jókòó kí aago 10 tó lù. Bí ẹ bá ti gba àyè sílẹ̀, àyè yín dúró. A ti bá ẹni tí ọjọ́ tàbí aago rẹ̀ yí padà sọ̀rọ̀. Tí ẹ kò bá gbúròó wa, ọjọ́ yín kò yí padà, ibi nìkan ló yí. Nọ́ńbà fóònù wa kò yí padà. Àkáǹtì wa kò yí padà. Ọlọ́run á mú wa ríra ní ayọ̀.”

Gbólóhùn méjì nípa fóònù àti àkáǹtì yẹn kì í ṣe àsọdùn. Àwọn oníjìbìtì a máa gba Wáàsáàpù onísòwò, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó mọ̀ ọ́n pé ó ti kó, pé àkáǹtì tuntun rèé. Ìfilọ̀ kíkó tòótọ́ àti irọ́ wọn jọra gan-an. Nítorí náà, onídìrí tó fẹ́ yí báńkì padà, kó fi í sílẹ̀ títí di oṣù mélòó kan lẹ́yìn tó bá ti kó, kó sì sọ ọ́ fún oníbàárà lójú kojú.

Lẹ́yìn èyí ni àpèjúwe ọ̀nà, nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tirẹ̀. Nọ́ńbà ilé kò tó n'Íbàdàn. Kí ó sọ ohun tí ènìyàn yóò wí fún ọlọ́kadà tàbí awakọ̀ máíkírà, ibi tí yóò ti bọ́ sílẹ̀, àwọ̀ géètì, àti ohun tó dojú kọ ọ́. Kí ó fi lokéṣọ̀n Wáàsáàpù tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kí ó dúró sí iwájú géètì gan-an fi í ránṣẹ́, kó sì ní kí ẹni tí kò débẹ̀ rí fi fóònù tirẹ̀ wá a wá. Tí ẹni yẹn bá já sí òpópónà ẹ̀yìn, gbogbo oníbàárà ni yóò já síbẹ̀. Fún àwọn màmá tí kì í ka àtẹ̀jíṣẹ́, kí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, kí ó sì fi ránṣẹ́. Ohùn tí wọ́n mọ̀ náà ni yóò fi ọkàn wọn balẹ̀ pé kì í ṣe oníjìbìtì.

Ọ̀nà tí ìfilọ̀ ń gbà dé etí oníbàárà ló máa ń da ọ̀pọ̀ onídìrí. Sítátọ́ọ̀sì Wáàsáàpù a máa pòórá lẹ́yìn wákàtí 24, ẹni tí kò ṣí i lọ́jọ́ yẹn kò rí i. Tí a bá kó gbogbo ènìyàn sínú gúrúùpù kan, nọ́ńbà oníkálukú á hàn sí àwọn tí wọn kò mọ̀ rí. “Broadcast” dára ju méjèèjì lọ, nítorí oníkálukú á rí i bí ọ̀rọ̀ àdáni. Àkójọ kan sì lè gba ènìyàn 256. Ṣùgbọ́n kìkì ẹni tó ti fi nọ́ńbà onídìrí pa mọ́ sínú fóònù rẹ̀ ni yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Oníbàárà tó kàn ń dá àtẹ̀jíṣẹ́ lóhùn láì pa nọ́ńbà mọ́ kò ní rí nǹkankan, onídìrí á sì rò pé ó ti gbọ́. Kí ó tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan, kí ó wo “Info”: orúkọ àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wọn àti àwọn tó kà á yóò wà níbẹ̀. Àwọn tí orúkọ wọn kò sí ni kí ó fi ránṣẹ́ sí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Tí ṣọ́ọ̀bù bá wà lórí Gúgù Máàpù, kí ó ṣàtúnṣe àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀, kó má ṣe ṣí òmíràn, kí ọ̀rọ̀ rere tí àwọn oníbàárà ti kọ má bàa ṣòfò. Gúgù lè ní kí ó fi fídíò fi hàn pé òun ló ni ibi tuntun. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìṣílẹ̀kùn, nítorí àyẹ̀wò yẹn a máa gba ọjọ́ mélòó kan.

Ní Mókólá, kí ó lẹ ìwé tí a fi ọ̀rá bò mọ́ ilẹ̀kùn, nítorí òjò Oṣù Kẹfà kò ní jẹ́ kí ìwé lásán pẹ́. Kí ó bá onílé sọ ọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, pàápàá tó bá jẹ́ pé onídìrí mìíràn ni yóò gba yàrá náà. Ìyá tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti àwọn ọlọ́kadà orítà náà gbọ́dọ̀ mọ̀, nítorí àwọn ni oníbàárà tí kò ní Wáàsáàpù yóò bi. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní Bódìjà, kí ọmọ iṣẹ́ máa kọ gbogbo ìbéèrè tí àwọn tó pè ń béèrè sílẹ̀. Tí ẹni mẹ́ta bá béèrè géètì wo ni, àpèjúwe ọ̀nà ni a ó tún kọ. Tí ẹnì kan bá pè láti iwájú ṣọ́ọ̀bù àtijọ́, kí wọ́n wo ìwé àyè bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú 23 yẹn. Tó bá wà níbẹ̀, kí ọ̀gá san owó ọkọ̀ rẹ̀ wá sí Bódìjà, kí wọ́n sì fi í jókòó lọ́jọ́ náà.